Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó kẹ́ẹ̀gì epo kejì

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyí: “Oníbàárà mi ní òun ti san owó kẹ́ẹ̀gì epo kejì, ó fi rísíìtì ránṣẹ́, àmọ́ owó ò wọlé. Kí ni kí n ṣe?”

Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn, ẹni tó ní kí n wo Session ID, nọ́ńbà gígùn orí rísíìtì tí owó kọ̀ọ̀kan tí a fi ránṣẹ́ ní tirẹ̀, ló là á. Mo ṣí àwòrán tí mo yà lójú fóònù nígbà tí owó kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ wọlé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rísíìtì “tuntun” yìí. Nọ́ńbà 30 náà bára mu délẹ̀. Ìkeje sí ìkejìlá nínú wọn ni ọjọ́ tí owó rìn: 250314, ìyẹn 14 oṣù kẹta 2025. Kẹ́ẹ̀gì kejì ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà!

Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́ títí di alẹ́, ó wá ní ọmọ òun ló ṣèèṣì fi ti àtijọ́ ránṣẹ́. Ó dáa, mo gbọ́.

Alẹ́ẹ̀tì báńkì tí ẹnì kan ní kí n fi hàn án kò tó: oníbàárà náà ní nẹ́tíwọ̀kì ló dá owó òun dúró. Màmá tó sọ pé POS yọ owó òun àmọ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀: wọ́n yọ owó tiyín ní tòótọ́. Báńkì tó ni káàdì yín ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Oníbàárà mi ti san ₦30,000, ó ku ₦15,000. Ẹ ṣé o.