Túùbù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti dúdú lẹ́nu: ṣé bálásì ni àbí sítátà?

Aránṣọ Bàsírì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Aránṣọ ni mí, Bàsírì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Adó-Èkìtì níbí. Túùbù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin méjì ni mo fi ń ríran tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀kan lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, èkejì lókè tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ.

Ti orí tábìlì ti pé ọdún méjì. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣe bí eérú, àmọ́ kíá ló ń tàn lówùúrọ̀. Tó bá di aago méje alẹ́ ló máa ń ṣẹ́jú bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí ó tó dúró. Ìyẹn ò dà mí láàmú.

Ti orí ẹ̀rọ ni mo bá wá. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kú, oníṣẹ́ iná kan sì bá mi ra túùbù tuntun àti sítátà tuntun, ó fi méjèèjì sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nìyí. Ẹnu túùbù náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, dúdú ọ̀hún sì ti wọnú tó ìbú ìka mẹ́ta. Tí mo bá tan án, ẹnu méjèèjì á kọ́kọ́ pọ́n, á ṣẹ́jú, á tàn, á tún kú, á tún bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ àná mo kà á dé méjìlélógún. Aṣọ dúdú ni mo ń rán, òwú dúdú ni mo fi ń rán an, mi ò rí ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ mọ́, mo ní láti tú apá búbá náà tán pátápátá.

Oníṣẹ́ iná mi wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní bálásì ló ti bàjẹ́, kí n lọ wá owó. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó náwó, kí ni dúdú yẹn ń sọ?

Ọmọ Ìdó:
Ẹ má fi bálásì da ara yín láàmú, mà. Túùbù ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi mítà ọwọ́ tí oníṣẹ́ iná fi ń dán wáyà wò kan irin méjì tó wà lẹ́nu kọ̀ọ̀kan. Tí mítà bá ké lẹ́nu méjèèjì, túùbù dára. Tí kò bá ké, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ìyá Alágbo Ìkẹ́rẹ́:
Tèmi náà dúdú lọ́rùn bẹ́ẹ̀ gan-an, gílóòbù tó yí kọ́lọkọ̀lọ tó wà níta. Mo rò pé òjò ló ń wọ inú rẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹ́lì-ídì, mi ò sì rí wàhálà kankan mọ́. Ṣé kí ẹ̀yin náà kúkú pààrọ̀?

Oníná Ìkọ̀lé:
Ìyá Alágbo, gílóòbù tiyín ní ẹ̀rọ ìtanná tirẹ̀ nínú ọrùn, kò lo sítátà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Kì í sì í ṣe òjò ló sọ ọ́ dúdú, inú gíláàsì ni dúdú yẹn wà. Ẹ̀yin Aránṣọ, tí ẹ bá fẹ́ ẹ́lì-ídì lọ́jọ́ iwájú, èyí tí wọ́n ṣe fún férémù tó ní bálásì máa ń bá nǹkan kékeré kan tó jọ sítátà wá. Òun ni ẹ ó fi rọ́pò sítátà. Ẹ má fi sítátà àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ká padà sí túùbù. Tí ẹ bá tan súìsì, iná gba inú bálásì, ó gba wáyà tín-ín-rín tó wà lẹ́nu kan túùbù, ó gba sítátà, ó wá gba wáyà tó wà lẹ́nu kejì. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú sítátà. Tó bá gbóná, á tẹ̀, á kan èkejì rẹ̀, àwọn wáyà ẹnu túùbù á sì pọ́n. Tó bá tutù, á já kúrò lára èkejì. Ìgbà tó já yẹn gan-an ni bálásì máa ń ta iná ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń ṣí túùbù. Tí títa yẹn kò bá bọ́ sí àsìkò, sítátà á tún gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò burú.

Nǹkan funfun kan bí ẹfun ni wọ́n fi pa wáyà ẹnu túùbù. Gbogbo ìgbà tí túùbù bá gbìyànjú láti tàn ni díẹ̀ ń ta kúrò níbẹ̀, ara gíláàsì ló sì ń lẹ̀ mọ́. Òun ni ẹ̀ ń rí ní dúdú. Ti orí tábìlì yín ṣe bí eérú lẹ́yìn ọdún méjì, ọjọ́ orí ni. Èyí tó dúdú lọ́sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́.

Ohun méjì ló lè jẹ ẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀. Bí bálásì bá ń ti iná tó pọ̀jù sínú rẹ̀, á dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíá ló máa tàn, á tiẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, bálásì á gbóná tí ọwọ́ ò ní lè gbà á, ẹ ó sì máa gbóòórùn ọ̀dà. Tiyín kì í tàn bọ̀rọ̀. Èyí tó ń gbìyànjú ogún ìgbà lálaalẹ́, sítátà ni mo kọ́kọ́ ń fura sí.

Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára sítátà méjèèjì, àti ti ara bálásì. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pa iná láti ìdí mítà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé súìsì ara ògiri. Àwọn kan máa ń so súìsì mọ́ wáyà tí kò yẹ, iná á kú, síbẹ̀ férémù á ṣì ní iná nínú. Ẹ yí sítátà sápá òsì díẹ̀, á jáde.

Ọmọ Ìdó, mítà rẹ máa sọ fún wọn bóyá wáyà ti já. Kò lè sọ bóyá ẹfun ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti yọ túùbù tí mítà ń ké lẹ́nu méjèèjì, tí kò sì tàn títí dòní.

Ọmọ Ìdó:
Ó yé mi nípa mítà, bọ̀ọ̀dá. Àmọ́ ayédèrú ṣì pọ̀ lọ́jà o. Túùbù gidi kò yẹ kó dúdú bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, bó ti wù kí sítátà burú tó.

Tíṣà Ẹ̀fọ̀n:
Kò sẹ́ni tó ti sọ̀rọ̀ nípa agbára iná. Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè níbí, tí ilé gbogbo bá tan iná lálẹ́, tí wọ́n ń lọ aṣọ, iná á lọ sílẹ̀ débi pé fáànù á máa yí bí ẹni tó ti rẹ̀. Túùbù yàrá ìkàwé wa ò ní tàn àfi lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Nígbà ọyẹ́ ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀, òtútù orí òkè wa kì í jẹ́ kó tètè ṣí. Èmi rò pé iná tí kò lágbára ló ń ṣe túùbù Aránṣọ, kì í ṣe sítátà.

Oníná Ìkọ̀lé:
Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ, fún ti orí tábìlì. Sítátà ẹsẹ̀ mẹ́rin ń fẹ́ nǹkan bí 180 fóòtì kó tó jí dáadáa. Tí iná bá wà ní 170 lálẹ́, ó lè má ṣe nǹkan kan rárá, tàbí kó máa ṣẹ́jú lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè tàn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n orí iná kan náà ni túùbù méjèèjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí èkejì fi ń ṣẹ́jú méjìlélógún? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Aránṣọ Bàsírì:
Ẹ ṣé gan-an. Mo pa iná nídìí mítà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gun àga, ó kà wọ́n. Bálásì méjèèjì: 36W, 220-240V, 0.43A. Sítátà orí tábìlì, èyí àtijọ́: 4-65W, 220-240V. Sítátà orí ẹ̀rọ, èyí tuntun: 4-22W, 110-130V. Ojú kan náà ni wọ́n ní, funfun méjèèjì, gígùn wọn dọ́gba. Ṣé ibẹ̀ ni?

Oníná Ìkọ̀lé:
Ibẹ̀ gan-an ni. Sítátà 4-22W, ti túùbù ẹsẹ̀ méjì ni, nígbà tí wọ́n bá so méjì tẹ̀ lé ara wọn sórí bálásì kan. Iná tí ó kéré ló ń jí i.

Ẹ wò ó báyìí. Túùbù ẹsẹ̀ mẹ́rin tó bá ti tàn ń di nǹkan bí 100 fóòtì mú fún ara rẹ̀, ìyẹn náà ni sítátà ń rí. Èyí tó yẹ, 4-65W, kì í ka 100 sí, á sùn. Ṣùgbọ́n 100 sún mọ́ ohun tó ń jí 4-22W jù. Túùbù á tàn, sítátà á jí, á papọ̀, á pa túùbù, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí túùbù bá sì ti ń gbó, fóòtì tó ń dì mú ń lọ sókè díẹ̀, sítátà náà á máa jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń burú sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ pààrọ̀ sítátà méjèèjì láàárín ara wọn, kí ẹ tan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Tí ìṣẹ́jú-ṣẹ́jú bá bá sítátà lọ sórí tábìlì, bálásì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí ó bá dúró sórí ẹ̀rọ, èmi ni mo ṣì í, ẹ wá bi mí.

Aránṣọ Bàsírì:
Mo ti ṣe é. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, iná dára. Ti orí ẹ̀rọ ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró. Ti orí tábìlì, tí kò ṣe báyìí rí láàárọ̀ tàbí ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo kà á dé mẹ́sàn-án kí n tó pa á. Mo ti ra 4-65W méjì lójà Ọba, mo ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí n fi ojú ara mi kà á. Owó bálásì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Dúdú ẹnu túùbù náà ńkọ́? Ṣé á lọ? Bálásì orí ẹ̀rọ náà sì ń ké hùùù lọ́wọ́ alẹ́.

Oníná Ìkọ̀lé:
Kò ní lọ, mà. Ẹfun tó ti kúrò lára wáyà kò ní padà. Túùbù yẹn á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó ìkejì rẹ̀, iye oṣù tó kù ni mi ò lè fọwọ́ sọ. Àmì tí ẹ ó máa wò ni kí ẹnu kan ṣoṣo máa tàn, tàbí kí ẹnu méjèèjì pọ́n lásán kí àárín má sì tàn. Tó bá dé ibẹ̀, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó máa gbìyànjú títí ilẹ̀ á fi mọ́, bálásì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fọ́ ọ sí àgbàlá, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀.

Ti bálásì tó ń ké, ẹ fún ìdè rẹ̀ tó so ó mọ́ férémù dáadáa kí ẹ tó bínú sí i. Púpọ̀ nínú wọn, ìdè ló tú. Bí ó bá ṣì ń ké lẹ́yìn náà, tí ó sì gbóná, mo ní láti fojú rí i.

Ọmọ Ìdó:
Mo ṣì ń sọ pé túùbù yẹn kì í ṣe gidi. Ẹ wo bí ti orí tábìlì ṣe lo ọdún méjì.

Tíṣà Ẹ̀fọ̀n:
Mo ń lọ wo sítátà yàrá ìkàwé wa ní àárọ̀ ọ̀la. Mẹ́jọ ni wọ́n, ẹnì kan ló ra gbogbo wọn.

Aránṣọ Bàsírì:
Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù. Ti orí ẹ̀rọ ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mẹta, ti orí tábìlì ẹ̀ẹ̀marùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti rán apá búbá tí mo tú padà. Sítátà 4-22W ọ̀hún wà nínú àpótí òwú mi, mò ń dúró de oníṣẹ́ iná mi kó wá kà á fúnra rẹ̀.