Ìpín mélòó ló tó? Ìrírí wa lórí àṣìṣe òfin tírápísíọ̀mù àti òfin párábólà

Àdùkẹ́ Oníkóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù sọ bí ó ṣe máa ń pinnu iye ìpín tí yóò lò nígbà tí íńtígírà kan kò bá ṣeé yanjú lórí ìwé. Èyí tó gbé ìbéèrè yìí wá ni íńtígírà e^(-x²) láti 0 dé 1, tí a nílò fún ìṣirò kan ní ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi fẹ́ kí àṣìṣe rẹ̀ má ju 0.0001 lọ, ó sì ní kí n lo òfin tírápísíọ̀mù pẹ̀lú ìpín 1000, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ìpín 1000 kò ni kọ̀ǹpútà lára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ibi tí 1000 ti wá, kò sí ẹni tó lè dá mi lóhùn. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Bàbá Tíṣà

Àdùkẹ́, ìbéèrè rẹ dára. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò yìí, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wo bí ìlà náà ṣe tẹ̀ tó kí wọ́n tó mú iye ìpín. Àgbékalẹ̀ ààlà àṣìṣe méjèèjì nìyí:

```
|E_T| ≤ K2 (b - a)^3 / (12 n^2)
|E_S| ≤ K4 (b - a)^5 / (180 n^4)
```

Ti òkè wà fún tírápísíọ̀mù, ti ìsàlẹ̀ wà fún párábólà. K2 ni nọ́ńbà tí f'' kò lè ju lọ láàárín a àti b, yálà ní ìhà òkè odo tàbí ní ìhà ìsàlẹ̀ rẹ̀. K4 náà rí bẹ́ẹ̀ fún f tí a ti dìfírẹ́ńṣíétì lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, f'' jẹ́ (4x² − 2)e^(-x²). Ní 0, ó jẹ́ −2. Láti ibẹ̀ ló ti ń gòkè títí ó fi dé nǹkan bí 0.74 ní 1. Nítorí náà, K2 jẹ́ 2. Fi í sí àgbékalẹ̀, wàá rí i pé n² gbọ́dọ̀ tó 1,667, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpín 41 ti tó. Tí a bá dìfírẹ́ńṣíétì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ohun tí a máa rí ni (16x⁴ − 48x² + 12)e^(-x²), tó jẹ́ 12 ní 0, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí −7.4 nítòsí 1. K4 jẹ́ 12, n⁴ gbọ́dọ̀ tó 667, n sì gbọ́dọ̀ ju 5 lọ díẹ̀. Nítorí pé méjì méjì ni òfin párábólà máa ń kó ìpín, 6 ni a máa mú. Ẹ ò rí i pé 1000 tí ọ̀gá rẹ dá lábàá jìnnà sí 41, kí a tó wá sọ ti 6.

Tóbi

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dìfírẹ́ńṣíétì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóde òní? Èmi kì í wá K kankan. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpín 4, màá sọ ọ́ di 8, màá sọ ọ́ di 16, ibi tí ìdáhùn méjì bá ti fẹnu kò ni mo máa ń dúró sí. Mo gbé íńtígírà Àǹtí Àdùkẹ́ sórí ẹ̀rọ báyìí. Òfin párábólà fún mi ní 0.746855 pẹ̀lú ìpín 4, ó sì fún mi ní 0.746826 pẹ̀lú ìpín 8. Ìdáhùn tòótọ́ jẹ́ 0.746824. Ìyẹn ni pé ìpín 4 ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń wá 6 sí. Mo tún dán tírápísíọ̀mù wò, mo rí i pé 25 ti tó, kì í ṣe 41. Ṣé àgbékalẹ̀ yẹn kò wá máa tàn wá ni?

Bàbá Tíṣà

Tóbi, nọ́ńbà rẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí o dá fún àgbékalẹ̀ náà kò tọ̀nà. Kò sọ iye tí àṣìṣe jẹ́ rí. Iye tí kò lè kọjá ló sọ. Wo ìdí tí 41 fi pọ̀ ju 25 lọ: àgbékalẹ̀ náà mú 2, tó jẹ́ títẹ̀ ìlà náà ní 0 níbi tí ó ti tẹ̀ jù lọ, ó sì lò ó fún gbogbo ọ̀nà láti 0 dé 1. Ní òótọ́, títẹ̀ náà ń dín kù, ó di odo ní nǹkan bí 0.71, ó sì yí padà sí ìhà kejì lẹ́yìn ibẹ̀, tó fi jẹ́ pé àṣìṣe àwọn ìpín ìparí ń jẹ díẹ̀ nínú àṣìṣe àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìlọ́po méjì tí o ń ṣe, ọ̀nà gidi ni, àmọ́ o lè jèrè nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú òfin párábólà, tí iye ìpín bá di ìlọ́po méjì, àṣìṣe á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, mú ìyàtọ̀ ìdáhùn méjèèjì, pín in sí 15, o ti rí àṣìṣe tó kù nínú èyí tó kẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tìrẹ jẹ́ 0.000029, tí a bá pín in sí 15, ó jẹ́ nǹkan bí 0.000002, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Fún tírápísíọ̀mù, 3 ni a máa fi pín in.

Ìnira K4 tí o sọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o rí K4 tó ṣe wẹ́kú. Sọ gbogbo àmì òdì di àmì ìròpọ̀, gbàgbé e^(-x²) nítorí kò lè ju 1 lọ, wàá ní 16 + 48 + 12, ìyẹn 76. Ó ju 12 lọ ní ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀, síbẹ̀ ìpín tí yóò bèèrè jẹ́ 10 péré, dípò 6. Ọ̀lẹ ní ààyè púpọ̀ nínú òfin párábólà. Bí o bá ṣe irú rẹ̀ fún tírápísíọ̀mù, K2 á di 6, ìpín á sì fò láti 41 sí 71.

Oníná Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n máa sá fún ọ̀nà Tóbi nígbà tí mi ò bá tíì wo ojú ìlà náà. Iná tó ń wá sí ilé wa máa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò agbára tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan ń jẹ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì fi àgbékalẹ̀ yìí ṣe é:

```
p(t) = 2000 * sin(100*pi*t)^2
```

Ìdáhùn tó yẹ kó rí ni júùlù 1,000. Ó lo òfin tírápísíọ̀mù pẹ̀lú ìpín 25, ó rí odo. Ó lo 50, odo. Ó lo 100, odo. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pátápátá. Ìpín tó mú yìí ló fà á: gbogbo ibi tí ó ti ń wọn gíga ìlà náà ni iná ti ń kọjá láàárín àmì ìròpọ̀ àti àmì òdì, tí agbára sì jẹ́ odo. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ láti 30 ni, ì bá rí 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí àgbékalẹ̀ Bàbá Tíṣà ti dára nìyẹn. Mo ṣírò K2 fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 395 mílíọ̀nù. Fún ìpín 100, ààlà àṣìṣe ju júùlù 3,000 lọ, ìlọ́po mẹ́ta ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí irú ààlà bẹ́ẹ̀ kò ní gba odo gbọ́.

Tóbi

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí a bá lo ìpín 200, tí ìdáhùn jẹ́ 1,000 gẹ́lẹ́, ààlà yẹn á ṣì máa pariwo pé àṣìṣe lè ju júùlù 800 lọ. Àgbékalẹ̀ tó ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi yan iye ìpín?

Oníná Ìbàdàn

Òótọ́ lo sọ, mi ò ní èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí a wọ̀n fún odidi ìyípo, máa ń bá tírápísíọ̀mù mu ju bí àgbékalẹ̀ yìí ti rò lọ. Èmi máa ń yẹra fún iye ìpín tí ó bá ìyípo iná dọ́gba, lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń ṣe ìlọ́po méjì tìrẹ.

Awọnlẹ̀ Òṣogbo

Ẹ forí jì mí, ó jọ pé ẹ ti fi nǹkan kan rú mi lójú. Bàbá Tíṣà sọ pé 6 ni ká lò, bẹ́ẹ̀ àwa tó ń wọn ilẹ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni òfin párábólà ń fẹ́. Ilẹ̀ tí mo wọ̀n létí odò kan, gíga mọ́kànlá ni mo mú láti orí okùn ìwọ̀n, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. K wo ni kí n wá fún irú èyí? Odò kò ní àgbékalẹ̀.

Bàbá Tíṣà

Ọ̀gá Awọnlẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Gíga ni ẹ̀yin ń kà, ìpín ni àwa ń kà. Gíga mọ́kànlá di ìpín mẹ́wàá láàárín wọn, ó sì ṣeé pín sí méjì. Ní ti K, kò sí ọ̀nà tí ẹ fi lè rí i, ẹ kò sì lè padà lọ fi ìpín kún un láìtún wọn ilẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ fo gíga kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ìṣirò ṣe, kí ẹ sì wo ìyàtọ̀ rẹ̀.

Awọnlẹ̀ Òṣogbo

Mo ti rò ó wò. Tí mo bá fo gíga kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìpín mẹ́wàá á di márùn-ún, òfin párábólà kò sì gba márùn-ún.

Bàbá Tíṣà

Ó bọ́ sí i. Ẹ fi tírápísíọ̀mù ṣe méjèèjì, ẹ pín ìyàtọ̀ sí 3. Iye yẹn á sọ àṣìṣe tírápísíọ̀mù fún yín; tí ó bá ti kéré, kò sí ohun tí ẹ tún ń fi párábólà wá. Ní ìgbà mìíràn, ẹ mú gíga mẹ́tàlá, kí ìpín lè jẹ́ méjìlá, tí yóò di mẹ́fà.

Àdùkẹ́ Oníkóòdù

Mo ní kí n bi Ọ̀gá Awọnlẹ̀: ṣé etí odò náà ní igun kankan, bíi ibi tí ó ti kan ògiri tàbí afárá?

Awọnlẹ̀ Òṣogbo

Ó ní i, láàárín gíga keje àti ìkẹjọ. Ògiri kan wà níbẹ̀ tí odò ti ṣẹ́rí lójijì.

Àdùkẹ́ Oníkóòdù

Ọ̀rọ̀ pínpín sí 3 kò ní dúró níbẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí f'' lójú igun. Èmi ì bá gé ilẹ̀ náà sí méjì níbi igun gan-an, kí n sì ṣírò apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò gíga kan sí i lójú igun náà, mítà rẹ̀ kò sì ní jẹ́ mẹ́wàá mọ́. Mi ò mọ bóyá Bàbá Tíṣà ní ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ. Ní tèmi, ìpín 10 ni mo gbé lọ bá ọ̀gá mi pẹ̀lú òfin párábólà, mo sì kọ K4 = 76 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ 1000.