Orúkọ wo ló yẹ ìwọ̀n tí a fi ń díye lé ìṣubú owó bọ́ǹdì?

Akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo ń kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bọ́ǹdì Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń san èlé 19% lọ́dún, èyí tí wọn yóò dá ojú owó rẹ̀ padà ní oṣù Kejì 2034. Mo fẹ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀ bí èrè tí ọjà ń béèrè bá yí padà. Kí ni kí n pe "mọ́dífáìdì dureṣọ̀n" àti "kọnfẹ́sítì" ní Yorùbá?

Olùtúmọ̀, Abẹ́òkúta:

Ní tèmi o, "ìgùn-àkókò" ti tó fún èkíní. Frederick Macaulay tó gbé ìwọ̀n náà jáde ní 1938 (kì í ṣe Herbert Macaulay wa ti Èkó o) fi ọdún kà á ni, ohun tí a bá sì fi ọdún kà, àkókò ni. Ẹ fi "aláàtúnṣe" kún un, ó parí. Bọ́ǹdì ọdún mẹ́wàá yóò ní ìgùn-àkókò tí kò jìnnà sí ọdún mẹ́wàá, òǹkàwé yóò sì tètè lóye rẹ̀. Fún èkejì, mo dábàá "ìyọkùn", nítorí pé dígí tí ikùn rẹ̀ yọ síta ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Oníṣòwò bọ́ǹdì, Lọ́ńdọ̀n:

Mo kí Alàgbà Olùtúmọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òtítọ́ ni wọ́n sọ nípa Macaulay, ṣùgbọ́n bọ́ǹdì tí akọ̀ròyìn wa dárúkọ gan-an ni yóò tako ìyókù. Ẹ jẹ́ kí a mú un bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí ọdún mẹ́wàá gbáko ṣì kù fún un, tí wọ́n ń tà á ní 100, tí èrè ọjà náà sì jẹ́ 19%. Ó ń san 9.50 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ní ìgbà ogún, lẹ́yìn náà ni yóò dá 100 padà. Ní ìwọ̀n èrè tó ga tó báyìí, 100 tí yóò dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ju 16.28 lọ lójú ẹni tó ń ra á lónìí. Èyí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí a san fún bọ́ǹdì náà, èlé tó ń wọlé ṣáájú ni a san án fún. Nígbà tí a bá fi iye owó kọ̀ọ̀kan lónìí wọn ọjọ́ tí yóò dé, àárín gbùngbùn rẹ̀ bọ́ sí ọdún 4.82, kò tilẹ̀ pé ìdajì ọdún mẹ́wàá. Èyí ni ti Macaulay.

"Àtúnṣe" tí wọ́n ṣe sí i kò ju kí a pín 4.82 sí 1.095 lọ, ìyẹn 1 pẹ̀lú èrè oṣù mẹ́fà. Ó di 4.41. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí nọ́ńbà tuntun yìí ń ṣe ti yàtọ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọdún mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé bí èrè ọjà bá fi ìdá kan gòkè, láti 19% sí 20%, owó bọ́ǹdì yóò fi nǹkan bí 4.41% wálẹ̀, láti 100 sí 95.59. Owó ló ń fèsì fún èrè ọjà, bí ó sì ṣe ń fèsì tó ni a ń wọ̀n. Nítorí náà ni mo fi dábàá "ìwọ̀n ìfèsì owó".

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Òṣogbo:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó máa bá orúkọ lọ. Àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi fi ìwé ránṣẹ́ pé iye tó wà lórúkọ mi dín kù nígbà tí èrè bọ́ǹdì gòkè. Èlé gòkè, owó mi wálẹ̀! Ṣé 4.41 tí ẹ ń sọ yìí ni wọ́n yọ nínú èlé tó yẹ kí wọ́n san fún mi ni?

Oníṣòwò bọ́ǹdì, Lọ́ńdọ̀n:

Rárá, Bàbá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan èlé náà, 9.50 ni ìjọba yóò máa san títí di 2034, 100 náà ni wọn yóò sì dá padà. Iye tí ẹlòmíràn lè ra bọ́ǹdì náà lónìí ló wálẹ̀, nítorí pé ẹni tó lè rí 20% níbòmíràn kò ní san 100 fún èyí tó ń mú 19% wá. Iye tí ọjà ń ná an ni wọ́n kọ sínú ìwé yín. Ẹni tó bá dì í mú títí di ọjọ́ ìkẹyìn kò ní rí àdánù yẹn lójú owó rẹ̀. Ẹni tó ní láti tà kí ọjọ́ náà tó pé ni yóò rí i.

Olùkọ́ ìṣirò, Iléṣà:

Mo fara mọ́ "ìfèsì". Ṣùgbọ́n ẹ wo 95.59 yẹn dáadáa. Bí a bá ṣírò gbogbo owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní 20%, 95.74 ni a ó rí. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún náírà, ẹnikẹ́ni lè fojú fò ó. Níbi tí èrè ti kéré, tí ọdún sì pọ̀, kò ṣeé fojú fò.

Ìjọba Amẹ́ríkà ta bọ́ǹdì ọgbọ̀n ọdún kan ní oṣù Karùn-ún 2020, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 1.25% péré. Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a mú un pé 100 gan-an ni owó rẹ̀. Ìwọ̀n ìfèsì rẹ̀ jẹ́ 24.95. Bí èrè ọjà bá gòkè sí 2.25%, ìwọ̀n yìí nìkan yóò sọ pé owó di 75.05, bẹ́ẹ̀ ìṣirò kíkún sọ pé 78.27 ni. Bí èrè bá wálẹ̀ sí 0.25%, yóò sọ pé 124.95, bẹ́ẹ̀ 128.89 ni. Ẹ kíyè sí i pé níhà méjèèjì, owó gidi ló ga ju iye tí a dá lé e lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà gbọọrọ ni ìwọ̀n ìfèsì ń fà, owó bọ́ǹdì kì í sì í rin gbọọrọ. Ẹ gbé igbá kalẹ̀ sórí tábìlì: ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti kanra, etí igbá sì gòkè kúrò lára tábìlì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tábìlì ni ìdíyelé wa, igbá ni owó gidi, ibi tí wọ́n ti kanra sì ni owó òní. Ohun tó tẹ igbá náà ni pé bí èrè ṣe ń gòkè, àwọn owó tó jìnnà ń tètè pàdánù iye wọn ju èyí tó wà nítòsí lọ, èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ láti pàdánù sì ń kéré sí i. Nígbà tí owó ṣì jẹ́ 100, ìdá kan ń gbé nǹkan bí 25 lọ. Bí èrè bá fi dé 4.25%, ìdá kan kò gbé ju nǹkan bí 11 lọ mọ́.

Ìwọ̀n bí igbá náà ṣe tẹ̀ tó ni wọ́n ń pè ní kọnfẹ́sítì, báyìí ni a sì ṣe ń fi kún un:

```
ΔP/P ≈ −D·Δy + ½·C·(Δy)²
```

P ni owó bọ́ǹdì, D ni ìwọ̀n ìfèsì, y ni èrè ọjà, C ni kọnfẹ́sítì, Δ sì ń tọ́ka sí ìyípadà. Fún bọ́ǹdì yìí, C jẹ́ 710. Ìdajì 710 lọ́nà 0.01 lọ́nà 0.01 jẹ́ 0.0355, ìyẹn 3.55 lórí 100. Ẹ fi kún 75.05, ó di 78.60, ẹ fi kún 124.95, ó di 128.50. Méjèèjì ti sún mọ́ owó gidi gan-an. Nítorí pé a sọ Δy di ìlọ́po ara rẹ̀, ìbáà gòkè, ìbáà wálẹ̀, àfikún ni yóò jẹ́. Orúkọ tí mo rò fún un ni "ìtẹ̀ owó".

Olùtúmọ̀, Abẹ́òkúta:

Igbá tí ẹ gbé kalẹ̀ yẹn, ikùn rẹ̀ ló kan tábìlì. Ṣé kì í ṣe "ìyọkùn" tèmi náà nìyẹn?

Oníṣòwò bọ́ǹdì, Lọ́ńdọ̀n:

Alàgbà, ẹ ti mú mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Àwọn bọ́ǹdì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kó gbèsè ilé gbígbé jọ fi ṣe. Bí èlé bá wálẹ̀, àwọn onílé a tètè san gbèsè àtijọ́ kúrò, wọn a sì yá òmíràn ní èlé tó kéré, nítorí náà owó bọ́ǹdì wọn kì í lè gòkè tó bó ṣe yẹ. Igbá náà dojú dé nìyẹn, C sì di òdì. A lè sọ pé "ìtẹ̀ òdì", ṣùgbọ́n ikùn tó yọ ní òdì, n kò mọ bí a ó ṣe sọ ọ́.

Mo tún fẹ́ kí Olùkọ́ kìlọ̀ fún òǹkàwé lórí ohun méjì. Ẹ gbé èrè bọ́ǹdì 2050 yẹn láti 1.25% lọ sí 4.25%, ìdá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n ìfèsì nìkan yóò sọ pé owó di 25.14. Bí a bá fi ìtẹ̀ kún un, ó di 57.09. Ìṣirò kíkún sọ pé 49.40. Ìtẹ̀ ti gba púpọ̀ padà nínú àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ó tún ti kọjá ààlà, nítorí pé títẹ̀ igbá náà fúnra rẹ̀ kò dọ́gba káàkiri. Nígbà tí èrè bá yí tó báyìí, ẹ fi ìdíyelé sílẹ̀, kí ẹ ṣírò owó kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe àlá ni mo ń rọ́: ní 2023, bọ́ǹdì náà bọ́ sísàlẹ̀ 50 lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tó ti kọjá lórí rẹ̀ ti yí ìṣirò padà díẹ̀.

Èkejì, àwọn ojú ẹ̀rọ kan máa ń pín ìtẹ̀ sí 100 kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ ó rí 7.10 níbi tí Olùkọ́ ti rí 710. Ẹni tó bá fi 7.10 sínú ìlànà òkè yẹn, tó sì fi 0.01 ṣe Δy, 0.04 péré ni yóò rí dípò 3.55, yóò sì rò pé ìtẹ̀ kò wúlò. Bí bọ́ǹdì ọgbọ̀n ọdún bá fún yín ní àfikún tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Olùtúmọ̀, Abẹ́òkúta:

Mo gbà pé "ìtẹ̀" gba òdì ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n n kò jọ̀wọ́ "ìgùn-àkókò" fún 4.82 ti Macaulay, nítorí ọdún ni ìyẹn. Bí ẹ bá pe 4.41 ní "ìfèsì", báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, pé pípín sí 1.095 nìkan ló yà wọ́n?

Olùkọ́ ìṣirò, Iléṣà:

Kò pọn dandan kí ó mọ̀ ọ́n láti inú orúkọ. Bọ́ǹdì àwọn onígbèsè ilé tí wọ́n mẹ́nu bà yẹn, pípín ti Macaulay kò ṣiṣẹ́ fún un rárá, nítorí a kò mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò dé. Ṣe ni wọ́n ń sún èrè sókè díẹ̀, kí wọ́n sún un sísàlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n wo bí owó ṣe yí. Ìfèsì ṣì ni, kò sí ìgùn kankan níbẹ̀.

Akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé, Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. "Ìwọ̀n ìfèsì owó" àti "ìtẹ̀ owó" ni n ó tẹ̀ jáde, pẹ̀lú 95.59 àti 95.74 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. N ó fi bọ́ǹdì Amẹ́ríkà sí apá kejì. Ti Macaulay, n kò tíì dárúkọ rẹ̀. Bí Alàgbà àti Olùkọ́ bá fẹnu kò kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́.