Ohun tí jíìmù kékeré máa gbé jáde fún oṣù kan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adé Onírin (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní jíìmù kékeré kan lẹ́bàá òpópónà Ìbàdàn níbí, ó ti pé oṣù mẹ́jọ, èèyàn 41 ló ń sanwó. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé iye owó wa sórí Wásáàpù àti Ínsítágíráàmù, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ wò ó mọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí màá máa fi bọ́ wọn fún oṣù kan gbáko. Mélòó ni kó jẹ́ ọjà títà, mélòó ni kó jẹ́ ẹ̀kọ́, mélòó ni kó jẹ́ ẹ̀rín? Èmi nìkan ni mò ń ṣe é, fóònù kan ṣoṣo ni mo sì ní.

Ọmọ Òkè-Àjè
Mẹ́rin sí ọ̀kan ni. Ẹ kọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ tajà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má da ara yín láàmú lórí fídíò, àwọn òyìnbó tó ń gbé irin pọ̀ bíi yanrìn lórí ayélujára. Ẹ mú tiwọn, ẹ lẹ nọ́ńbà yín mọ́ ọn, ó parí.

Ìyá Ìbejì Ìmọ̀wò
Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí wọ́n má jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́ o. Èyí tí mo lọ nígbà kan, wọ́n ní kí n gbàgbé ewùrà, kí n máa jẹ kùkúńbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fara dà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, kí ẹ sáà bá wọn dín epo rẹ̀ kù.

Adé Onírin
Ẹ ṣeun mà, 😂 ohun tí màá gbé sórí ayélujára ni mò ń bèèrè o, kì í ṣe oúnjẹ.

Kóòṣì Màkún
Àbúrò, má dá Ìyá Ìbejì dúró, wọ́n ti fún ẹ ní ọ̀kan ọ̀fẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ yẹn, bí ẹ bá fi hàn bí epo inú rẹ̀ ṣe tó nígbà tí wọ́n bá sè é bí a ṣe ń sè é, àti bó ṣe tó nígbà tí wọ́n bá dín in kù, gbogbo Ìjẹ̀bú ni yóò bá ọ jà lábẹ́ rẹ̀. Ìjà yẹn náà ló ń gbé e rìn.

Ṣágámù ni mo wà, ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣe jíìmù rèé. Ohun tó ń ṣe ọ́ ti ṣe èmi náà. Mò ń gbé àwòrán iye owó kan náà síta ní àràárọ̀. Wásáàpù máa ń fi hàn ọ́ àwọn tó wo sitẹ́tọ́ọ̀sì rẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bíi 180 ló ń wò ó. Kí oṣù kejì tó pé, ó ti wálẹ̀ sí 70. Wọn ò pa nọ́ńbà mi rẹ́ o, wọ́n kàn pa mí mọ́ ni, kí n má máa yọ sí wọn lójú. Bí o bá rí i pé àwọn tí o mọ̀ dáadáa, tó ń kí ọ lọ́nà, kò sí nínú àwọn tó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn.

Mẹ́rin sí ọ̀kan tí Ọmọ Òkè-Àjè sọ kò burú láti fi kà á. Ṣùgbọ́n iye nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Èmi náà ti ṣe mẹ́rin sí ọ̀kan, ẹ̀kọ́ mi ò kan ọjà mi rárá. Lọ́jọ́ Ajé mo ń sọ̀rọ̀ nípa omi mímu, lọ́jọ́ Ẹtì mo ní ẹ wá sanwó. Ta ló máa sanwó nítorí omi? Ohun tó yí i padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tú ẹ̀rù kan tí kò jẹ́ kí èèyàn wá. Ọjà á wá tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Màá fi ọ̀kan hàn ọ́. Àwọn obìnrin ọjà níbí gbà pé bí àwọn bá gbé irin, apá àwọn á dà bíi ti ọkùnrin. Àwọn kan náà ló ń gbé àpò gàrí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Mo bẹ ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà kó jẹ́ kí n yà wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àpò náà bí wọ́n ṣe máa ń gbé e: ẹsẹ̀ jìnnà sí i, ẹ̀yìn tẹ̀ bí ọrun. Ibẹ̀ gan-an ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀, n kò kí ẹnikẹ́ni, n kò sọ orúkọ jíìmù. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n sún mọ́ àpò náà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn gún, kí àpò náà máa fara kan itan bó ṣe ń gòkè. Bí wọ́n bá fẹ́ yí, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ yí, kí wọ́n má lọ́ ìbàdí. Ìyá náà gbé e, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àti ọjọ́ yìí?” Ibẹ̀ ni mo gé e sí. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé fídíò kúkúrú kan jáde, ìyá kan tó ti ń gbé irin lọ́dọ̀ mi láti ọdún kan ń na apá jáde: ṣé apá ọkùnrin rèé? Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo wá tajà: kíláàsì àwọn obìnrin, aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí ọmọ ti lọ sílé ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àyè mẹ́jọ péré, ẹni tó bá fẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi: GÀRÍ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni idán ibẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n mọ ẹni tí fídíò yẹn mú wá. Èèyàn 14 ló kọ GÀRÍ, mẹ́sàn-án wá wo ibẹ̀, mẹ́fà sanwó. Nínú oṣù yẹn kan náà mo ṣe fídíò ẹ̀rín kan nípa ọkùnrin tó ń ya ara rẹ̀ nínú dígí fún wákàtí kan tí kò fọwọ́ kan irin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wò ó. Mélòó ló bi mí ní ìbéèrè? Méjì, ọ̀kan sì ń gbé Ìbàdàn.

Ọmọ Òkè-Àjè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín ò wúlò nígbà náà, kó yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Kóòṣì Màkún
Rárá o. Ẹ̀rín ò mú tuntun wá fún mi, ṣùgbọ́n òun ni àwọn oníbàárà mi fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n pa mí mọ́. Mẹ́ta l'óṣù ti tó. Ní ti fídíò òyìnbó, yàtọ̀ sí pé ohun olóhun ni, ẹni tó wo jíìmù Amẹ́ríkà tán máa dé tìẹ, á rí fáànù méjì àti irin tó ti ń dípẹtà. Ojú á tì ẹ́.

Bí mo ṣe pín in rèé, Adé. Méjìlá l'óṣù sórí Ínsítágíráàmù, mẹ́ta l'ọ́sẹ̀: ẹ̀kọ́ mẹ́fà, ẹ̀rín mẹ́ta, ọjà mẹ́ta. Méjì nínú ọjà yẹn bọ́ sáàárín ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 3 oṣù tuntun, nítorí ìgbà yẹn ni owó oṣù máa ń wọlé. Ẹ̀kẹta bọ́ sí àárín oṣù, fún àwọn tó ti bèèrè tí wọn ò wá. Sitẹ́tọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, ó ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, o lè máa gbé nǹkan sí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí iye owó jẹ́ ìkẹyìn, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Àárọ̀ Sátidé kan ṣoṣo ni mo fi ń ya ohun tó pọ̀ jù, aago méje sí mẹ́sàn-án, lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò, torí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìtan ohùn.

Ṣadé Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Jíìmù kan tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀ gbé àwòrán ikùn mi, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, sórí Fesibúùkù láìbi mí. Àbúrò ọkọ mi ló rí i kí n tó rí i. N kò tún padà síbẹ̀ mọ́, àwa mẹ́ta tí a jọ ń lọ la kúrò. Kí ẹ gba àṣẹ lẹ́nu èèyàn, kó sì wà ní kíkọ, kó tún lè sọ fún yín pé kí ẹ yọ ọ́ nígbàkígbà.

Kóòṣì Màkún
Òótọ́ ni o. Èmi ò tilẹ̀ lo irú àwòrán yẹn mọ́. Ẹni tuntun tó rí i máa retí irú rẹ̀ lóṣù kan. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa ń sọ bí ìdajì kílò sí kílò kan nù l'ọ́sẹ̀, kílò méjì sí mẹ́rin nìyẹn lóṣù. Àwọn tó ń kọ “kílò 10 lóṣù kan” ń ra ìbínú oṣù tó ń bọ̀ ni. Adé, bí o bá fẹ́ fi Ojúde Ọba polówó, nítorí aṣọ ẹgbẹ́ tí kò wọ̀ mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú Iléyá ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ṣe nǹkan kan fún ikùn.

Alájọ Ìta-Ọ̀ṣun
Èmi ò gbà pé kí iye owó jẹ́ ìkẹyìn. Bí n kò bá rí iye, n kò ní bèèrè, màá rò pé ó wọ́n. Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ sọ iye kí a ṣírò.

Kóòṣì Màkún
Ẹ lè jàre. Ní tèmi, àwọn tó bèèrè kí wọ́n tó mọ iye ló ń pẹ́ lọ́dọ̀ mi jù. Ṣùgbọ́n èmi nìyẹn.

Adé Onírin
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí màá ṣe rèé: mo fi ọ̀sẹ̀ yìí gbé iye owó kúrò. Ẹ̀rù tí mò ń gbọ́ jù lọ́dọ̀ mi kì í ṣe ti apá ọkùnrin. Àwọn ọmọ ilé ìwé láti Ìjagun ló pọ̀, wọ́n á wá lọ́jọ́ kan, ara á ro wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọn ò ní padà wá mọ́. Wọ́n rò pé nǹkan ti já nínú ara wọn.

Kóòṣì Màkún
Ẹ̀kọ́ rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn! Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ìrora yẹn máa ń le jù, lẹ́yìn náà á lọ. Ya ọmọ kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí arúgbó, ẹ̀rín ti wọ̀ ọ́. Sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ pé ojú kan ló ń gún wọn bí abẹ́rẹ́, tó wú, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́ kẹta, tajà: ẹni tó bá sanwó ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ àkọ́kọ́ máa fúyẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ò ní owó oṣù, má dúró de ọjọ́ 26 fún wọn, ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni tiwọn.

Adé Onírin
Ọ̀rọ̀ wo ni kí wọ́n fi ránṣẹ́?

Ìyá Ìbejì Ìmọ̀wò
ÀTẸ̀GÙN. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ṣe ti ìkọ́kọrẹ́ yẹn, mo fẹ́ rí iye epo.