Ẹ gbà mí o, 22 nínú ẹ̀rọ 30 tí mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ò ṣiṣẹ́

Olómi Àpáta: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ bí táńkì bá ti kún. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ṣì wà nílé wa, kò tíì kọsẹ̀ rí. Mo wá gbé e fún àwọn kan nínú Ìbàdàn níbí pé kí wọ́n ṣe 30. Nígbà tí mò ń sanwó, "ẹnjiníà" ni ọ̀gá wọn ń pè mí. Ní báyìí kì í gbé fóònù mi mọ́. 8 péré ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù, ríléè tó ń tan pọ́ǹpù á kàn dún "tẹ", á sì dákẹ́. Àpótí tí mo ní kó jẹ́ búlúù, eléérú ni wọ́n ṣe é! Báwo ni mo ṣe máa gba owó mi?

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Pọ́ǹpù tiwa náà ń ṣe wèrè láti àná o. Kì í pa, omi ti ṣàn dé ọ̀dọ̀ alájọgbé wa. Iná tí kò dọ́gba ni wọ́n ní ó fà á. Ẹ ra sítábílásà.

Olómi Àpáta: Mọ́mì, kì í ṣe pọ́ǹpù ló bàjẹ́.

Bọ̀dá Títì: Kí lẹ kọ fún wọn kẹ́ ẹ tó máa bínú? Dáyóòdù ni wọn ò fi sí i, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Olómi Àpáta: Mo kọ ọ́! Mo ya fọ́tò bọ́ọ̀dù, mo sì kọ lísìtì sí i lórí Wásáàpù: ríléè 1, tiransísítọ̀ 1, résítọ̀ 3, kàpásítọ̀ 2, bóòtù 4. Kí ló tún kù?

Bàbá Sódà: "Tiransísítọ̀ 1" dà bí kí wọ́n rán ọmọ lọ́jà pé kó ra ẹran. Ẹran wo? Ẹ mú ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀kan tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára tiransísítọ̀ wọn.

Olómi Àpáta: Ti èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni BC547. Èkejì, 2N3904. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta á ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bàbá Sódà: Iṣẹ́ wọn jọra, ẹsẹ̀ wọn ló yàtọ̀. Ẹ kọ ojú rẹ̀ tó pẹrẹsẹ sí ara yín, kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti òsì, ti BC547 ni kọlẹ́tọ̀, béèsì, ẹmítà. Ti 2N3904 ni ẹmítà, béèsì, kọlẹ́tọ̀. Wọ́n ti to 22 yẹn sódì. Tó bá wà sódì, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an: iná tó ń gbà á kọjá ò ní lè di ríléè mú. "Tẹ" tí ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ yí ojú rẹ̀ sí òdìkejì, ẹ tún un sódà, kí ẹ wò ó.

Lọ́jọ́ mìíràn ẹ kọ ìlà náà báyìí: "Q1, BC547, 1 fún ẹ̀rọ kan. Bí kò bá sí, 2N3904, ṣùgbọ́n kí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà." Ẹ gbọ́dọ̀ kọ Q1 yẹn sórí bọ́ọ̀dù náà, níbi tí tiransísítọ̀ máa wà. Nínú àlàyé bí wọ́n á ṣe tò ó, ẹ fi fọ́tò tó súnmọ́ hàn wọ́n ibi tí ojú pẹrẹsẹ kọ sí. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ríléè, kó sì pa á, kí wọ́n tó de àpótí.

Olómi Àpáta: Ṣé iṣẹ́ wọn kọ́ ni láti mọ ìyẹn ni? Òótọ́ ni pé wọ́n pè mí pé BC547 ti tán lẹ́yìn 8, mo sì ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n bá rí sí i. Ibi ìsìnkú ni mo wà lọ́jọ́ náà.

Bọ̀dá Títì: Háà! Ẹ fẹnu ara yín dá ẹjọ́ náà. Owó wo lẹ fẹ́ gbà?

Ẹlẹ́rọ Mọ́níyà: Má dá a lẹ́bi tán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á wo ìwé tiransísítọ̀ kó tó fi sí i. Kí wọ́n pín àdánù náà.

Bàbá Sódà: Ọ̀rọ̀ Títì kan wà tí a fò. Dáyóòdù ò sí nínú lísìtì yín. Ṣé ó wà lára èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe?

Olómi Àpáta: Ó wà. Abẹ́ bọ́ọ̀dù ni mo sódà rẹ̀ sí lẹ́yìn tí tiransísítọ̀ méjì ti jóná. Kò hàn nínú fọ́tò.

Bàbá Sódà: Ẹ má ta 8 yẹn o! Bí ríléè bá ń pa, iná á ta padà láti inú wáyà rẹ̀ lu tiransísítọ̀. Ó lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Bó bá jóná tó di wáyà kan ṣoṣo, ríléè ò ní já mọ́, pọ́ǹpù ò sì ní pa. 1N4007 ni kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ríléè, kí ìlà funfun rẹ̀ kọ sí 12V. Àwọn tí ẹ bá yí padà náà nílò rẹ̀.

Olómi Àpáta: Mo ti yí ọ̀kan padà, ríléè ti ń di mú. Ṣùgbọ́n mo ti ta 3 nínú 8 yẹn. Bódìjà ni gbogbo wọn wà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Ẹ dúró ná. Ṣé àpótí eléérú kékeré yẹn kọ́ ló wà lára ògiri wa yìí?