Ìpàtẹ ìjà ni àbí àtẹ aáwọ̀?

Ògbufọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé kan fún àwọn tó ń lọ làjà nílùú tó ń jà. Ìwé náà ní kí wọ́n tó wọ ìlú rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ya gbogbo ẹ̀ sórí pépà: àwọn tó ń jà, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ìtàn ẹ̀, àti ta lágbára ju ta lọ. Mo pè é ní "ìpàtẹ ìjà". Ọ̀gá mi ní kò dùn ún gbọ́ létí. Ṣé ó dáa àbí kò dáa?

Bàbá Tíṣà: Kò dáa. Ta ló ń pàtẹ ìjà? Tòmátì là ń pàtẹ, ata rodo là ń pàtẹ, òkìríkà là ń pàtẹ, ẹni tó bá sì pàtẹ, oníbàárà ló ń wá. "Pa" tó wà nínú ẹ̀ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ yọ ọ́ dànù, ó ku "àtẹ", àtẹ lásán ò lẹ́jọ́, ó lè wà ní yàrá kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ẹ̀ẹ̀kejì, "ìjà" yẹn. Ìjà ni ti ẹ̀ṣẹ́ àti ti àdá. Ohun tó bá wà láàárín ìlú méjì kí àdá tó jáde, aáwọ̀ ni. Bàbá tó bí bàbá mi ò ka ìwé kankan, tó bá gbọ́ pé ìyàwó méjì ń bára wọn yodì, á ní "aáwọ̀ wà nílé yẹn", kò ní sọ pé ìjà. Àtẹ aáwọ̀. Mo ti parí ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àmì òkè sórí ẹ wọnnì, torí ẹni tó bá kọ "àtẹ́", ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ló ń sè.

Lánlọ́ọ̀dù: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé máàpù ilẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá orúkọ fún, kí wọ́n pe sọ̀féyọ̀. Ládùúgbò tiwa, tiransifọ́mà ló dìjà. Wọ́n pe ẹnì kan láti ẹnjíò kan wá, ó bá alága sọ̀rọ̀, ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, ó bá bàbá tó fi ilẹ̀ tí wọ́n gbé e sí sílẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn gbà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì mọ́ tí wáyà fi já. Ká ní wọ́n fa laìnì dáadáa látìbẹ̀rẹ̀ ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ayálégbé ló já a, aláìmoore ni gbogbo wọn.

Ìyá Onílàjà: Lánlọ́ọ̀dù, ẹ ṣeun, ẹ ti dáhùn ìbéèrè náà láìmọ̀. Ta ló máa san owó tiransifọ́mà yẹn? Mo mọ̀ pé orí owó ilé ni wọ́n máa gbé e lé. Ẹni tó wá làjà bá ẹni mẹ́ta sọ̀rọ̀, ẹni tí owó ń bọ̀ lọ́rùn ẹ̀ ò sì sí nínú wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ká ní ó ti yà á sórí pépà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ibi tí ayálégbé yẹ kó wà á ṣófo, ojú ẹ̀ á sì rí i pé ó ṣófo. Iṣẹ́ tí pépà yẹn ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe laìnì.

Bí mo ṣe máa ń yà á rèé. Mo máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní róbótó kan. Ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá tólẹ̀, róbótó ẹ̀ á tóbi. Ìlà tààrà láàárín àwọn tó bára wọn rẹ́, ìlà kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn tó ń jà, ìlà tó gé sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tí wọ́n kàn jọ ń kíra wọn. Tí ẹnì kan bá ń darí ẹnì kejì, mo máa ń fi ọfà sí i. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi ara tèmi sí i, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ti ń gbàgbé: ta ló pè mí, ta ló fún mi nílé sùn, ta ló san owó mọ́tò? Tí ìlà tààrà bá ti wà láàárín èmi àti ẹgbẹ́ kan kí n tó dé, ẹgbẹ́ kejì ti mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Ní ti orúkọ, mo fara mọ́ Bàbá Tíṣà lórí "pa" yẹn, àmọ́ ohun tèmi ń wò yàtọ̀. A kì í pàtẹ pépà yìí. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, tó rí i pé a fi róbótó kékeré sí orí olóyè ẹ̀, ìjà míì dé nìyẹn. Inú báàgì ló ń gbé.

Bàbá Tíṣà: Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi róbótó pa wá lórí. Ẹ mú Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ẹgbẹ́ méjì. Ọ̀ọ̀ni níhìn-ín, Ògúnsùà lọ́hùn-ún, ìjọba láàárín. Kí ló tún kù? "Ẹnu ẹ̀ tólẹ̀" tí ẹ sì kọ yẹn, ẹ kọ "agbára" kó yéni.

Ọmọ Ilé Méjì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jìn mí, ọmọ Ifẹ̀ ni bàbá mi, Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bí màmá mi. Nínú ẹgbẹ́ méjì tí ẹ kà yẹn, ibo lèmi wà? Nígbà ìjà 1997, ilé bàbá mi ni mo wà, ẹ̀gbọ́n màmá mi wà lódìkejì. Ìyá ìyá mi ń tà ní ọjà tí wọ́n jọ ń ná, ó mọ orúkọ àwọn ìyálọ́jà ẹ̀gbẹ́ kejì tó fi mọ́ orúkọ ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó pè é sí míìtì kankan. Ẹ tún wá ń pè é ní aáwọ̀. Ẹ lọ sọ fún ẹni tí ilé ẹ̀ jóná pé aáwọ̀ ni. Nílé tiwa, ogun là ń pè é, "nígbà ogun", bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá Onílàjà: Ẹ ṣé, ọmọ mi. Àpẹẹrẹ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà nìyẹn, ẹ jẹ́ n lọ díẹ̀díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń ya ènìyàn lẹ́nu.

Ohun tó wà lójú ní 1997 ni pé ìjọba ológun dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, wọ́n kọ́kọ́ fi olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ sí Modákẹ́kẹ́, wọ́n wá gbé e lọ sí Enúwá ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ sí Òkè-Ògbó. Tẹ́ni tó wá làjà bá kọ "olú ilé iṣẹ́" sórí pépà tó dúró síbẹ̀, á rò pé tí òun bá ti rí ilẹ̀ tó wà láàárín, ó parí. Kò parí o. Mo máa ń ní kí wọ́n fa ìlà gígùn méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ọdún tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Ará Ifẹ̀ á ní ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọ̀ọ̀ni Abẹ́wẹ́ilà fi ilẹ̀ fún àwọn tó sá fún ogun láti Ọ̀yọ́, pé àlejò wá fẹ́ di onílé. Ará Modákẹ́kẹ́ á ní 1909 ni, nígbà tí wọ́n lé àwọn bàbá wọn kúrò nílùú, tí ọ̀pọ̀ gba Òde-Òmu lọ, torí àdéhùn 1886 tó parí ogun Kírìjì ti kọ ọ́ pé kí wọ́n kúrò. Láàárín ẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, kòkó tí ẹni gbìn tó sì ń sanwó ilẹ̀ lé lórí lọ́dọọdún, wọ́n dìjà lé e lórí ní àwọn ọdún 1940. Ìjà 1981 náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ìlà méjèèjì, ọdún tí wọ́n kọ ò bára mu. Tẹ́ ẹ bá fi ọdún ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín ní míìtì, ẹ ti dájọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó.

Ní ti agbára, Bàbá Tíṣà, mi ò ní kọ "agbára". Tí mo bá kọ ọ́, àwọn ọmọ á lọ ka adé àti ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé: tí ọ̀dọ́ bá ti gbé ìbọn, ta ló lè ní kó dúró kó sì dúró? Nígbà míì, kì í ṣe ẹni tó wọ adé. Ó lè jẹ́ olórí ọdẹ, ó lè jẹ́ ọmọ ìlú kan tó wà lókè òkun tó ń fowó ránṣẹ́. Àwọn tó wà lábúlé, lóko kòkó, tí ilé ẹni méjèèjì wà pọ̀, àwọn náà ní róbótó tiwọn, ìpàdé tó bá ń wáyé nínú ìlú nìkan ò ní kàn wọ́n. Àpẹẹrẹ ibi tí mo ti ń mọ̀ pé mo ṣì í yà nìyí: a dé míìtì, ẹni tí mo fi sí kékeré sọ gbólóhùn kan, gbogbo yàrá dákẹ́. Mo máa ń fa bírò yọ lójú ẹsẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé ọjọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí igun pépà. Ohun tí mo yà lóṣù kejì ò ní jẹ́ òótọ́ lóṣù kẹfà, pàápàá tí ìdìbò bá wà láàárín ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní 2000, tí Bọ́dé George jẹ́ alága ẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà lórí pépà 1997 ló bá pàdé.

Ògbufọ̀: Ẹ ṣé gan-an mà. Nítorí náà, kí n kọ "àtẹ aáwọ̀" àbí "àtẹ ìjà"? Ọ̀gá mi fẹ́ ẹ lónìí.

Bàbá Tíṣà: Aáwọ̀. Ohun tí ìwé yín ń sọ ni ohun tó ṣáájú kí ènìyàn tó wọ ìlú.

Ọmọ Ilé Méjì: Tí wọ́n bá ti jà kí ènìyàn tó wọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ìyá Onílàjà: Èmi ò ní orúkọ fún un. Mo máa ń ní "ẹ mú pépà yẹn wá".

Bàbá Tíṣà: Pépà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti làjà ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, pépà! Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ẹ̀wù Yorùbá wọ̀. Kí ló ṣe "tákàdá"?

Ìyá Onílàjà: Tákàdá náà, ẹ lọ bi àwọn Hausa níbi tó ti wá.

Lánlọ́ọ̀dù: Ẹ jọ̀ọ́ o, ayálégbé tèmi ńkọ́? Wọ́n ti tún wáyà náà já láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n pe wọ́n jókòó àbí kí n lọ tẹ́ṣàn?