Ṣé ó tọ́ kí wọ́n yọ owó orí Amẹ́ríkà lára owó iṣẹ́ tí mo ṣe n'Íbàdàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ilé iṣẹ́ kan ní Kalifóníà fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi. Ìbàdàn ni n ó ti máa ṣe é. Aago 9 àárọ̀ wọn ni kí n máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago 5 ìrọ̀lẹ́ wa, 6 tó bá di ìgbà òtútù wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á san owó sínú àkáǹtì dọ́là mi.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á yọ 30 nínú 100, torí Nàìjíríà ò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Mo ti fi W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó orí tí àjèjì máa ń fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ránṣẹ́, mo ṣàlàyé pé n kò ní ṣiṣẹ́ kankan lórí ilẹ̀ wọn. Wọn ò gbà.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ni mo lè kọ sínú ìwé àdéhùn tí wọn ò fi ní yọ ọ́?